Bí A Ṣe Ń Pín Ìmọ́lẹ̀ Alẹ́: Iná Ṣáájì àti Iná Sólà fún Ilé Tí Iná Ọba Kì í Dúró

Bóyá inú òkùnkùn lẹ ti ń ka èyí báyìí, tó jẹ́ pé ojú fóònù yín nìkan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí yín lójú. Ẹ má ṣèyọnu, ẹ ò dá wà.

Àǹtí mi kan ń gbé rúùmù-àti-pálọ̀ ní agbègbè Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Àwọn mẹ́rin ló wà nínú ilé náà: òun fúnra rẹ̀, ìyá rẹ̀ tó ti dàgbà, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń múra Wáẹ́ẹ̀kì, àti ọmọbìnrin kékeré tó ṣì wà ní pírámárì. Iná ṣáájì kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Iná náà tóbi, ó funfun báláú, wáàtì 10 ni, wọ́n sì so ó kọ́ sáàárín àjà pálọ̀. Bí iná ọba bá lọ, wọ́n á tan án láago 7 alẹ́. Tó bá fi máa di aago 9, ó ti kú. Ọmọkùnrin yẹn á wá máa fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kàwé títí fóònù náà á fi kú òun náà. Ní òru ọjọ́ kan, màmá àgbà dìde, wọ́n fẹ́ lọ sí ilé ìtura, ni wọ́n bá fẹsẹ̀ kọ àpótí ìjókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, wọ́n ì bá ṣubú lulẹ̀.

Ní oṣù kẹrin, àǹtí mi pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní, "Jọ̀ọ́, bá mi ra èyí tó tóbi jù báyìí lọ. Èyí tó máa mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán gangan."

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá bá yín jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan ná."

Ohun tí mo rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ. Iná tó tóbi kọ́ ni ilé náà nílò. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ní kò sí níbi tí ojú ti ń ṣiṣẹ́ ni, iye agbára tí wọ́n ń ná lórí rẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tó yẹ lọ.

Níbo ni ojú ti ń ṣiṣẹ́?

Mo mú ìwé àti bírò, mo jókòó sí kọ̀rọ̀ láti aago 7 títí di aago 10 ààbọ̀. Ohun tí mo ń kọ kò ju mẹ́ta lọ: ta ló wà níbo, kí ló ń fojú wò, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ló sì parí.

Ọmọkùnrin náà jókòó sídìí tábìlì, ó kọ ẹ̀yìn sí iná àárín àjà. Òjìji orí rẹ̀ wá bo ìwé tó ń kà mọ́lẹ̀. Àǹtí mi wà nínú kíṣíìnì, wọ́n ń gé ẹ̀fọ́, ìmọ́lẹ̀ pálọ̀ kò sì dé ibẹ̀, ni wọ́n bá fi àgbọ̀n há tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọrùn. Màmá àgbà jókòó lórí àga, wọ́n ń fi ọwọ́ bo ojú nítorí pé iná náà ń gún wọn lójú. Ibi tó mọ́lẹ̀ jù lọ nínú gbogbo ilé ni àjà fúnra rẹ̀ àti àárín pálọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń wo nǹkan kan.

Ẹ ṣe irú nǹkan yìí nílé yín kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, iṣẹ́ mẹ́rin péré ni ìmọ́lẹ̀ alẹ́ ń ṣe. Àkọ́kọ́ ni ìmọ́lẹ̀ iṣẹ́, bíi ìwé kíkà, abẹ́rẹ́ rírán àti ẹ̀fọ́ gígé. Ìkejì ni ìmọ́lẹ̀ ìjókòó, níbi tí a ti ń jẹun, tí a ti ń tàkurọ̀sọ. Ìkẹta ni ìmọ́lẹ̀ ìrìn, fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ilé ìtura. Ìkẹrin ni ìmọ́lẹ̀ òru, tíńtín báyìí, tí kò ní jẹ́ kí èèyàn fẹsẹ̀ kọ nǹkan. Iná kan ṣoṣo kò lè ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáadáa.

Kí ló dé tí iná kékeré tó wà nítòsí fi ń borí iná ńlá tó jìnnà

Ẹ fọkàn yàwòrán ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde láti ara gílóòbù bí omi tó ń tú jáde láti ẹnu ṣáwà. Tí ẹ bá gbé garawa sún mọ́ ẹnu ṣáwà, omi púpọ̀ á bọ́ sínú rẹ̀. Tí ẹ bá gbé e jìnnà, omi náà ti fọ́n káàkiri kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń ṣe nìyẹn, ó sì ní ìṣirò tó dájú. Ká ní ìmọ́lẹ̀ kan kún ojú táìsì 1 nígbà tó jìnnà ní mítà 1. Tó bá rìn dé mítà 2, ìmọ́lẹ̀ kan náà yẹn ti tẹ́ sórí táìsì 4, ìdá mẹ́rin ohun tó ń gbà tẹ́lẹ̀ ni táìsì kọ̀ọ̀kan yóò wá máa gbà. Bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ á di ìdá mẹ́rin. Bí ọ̀nà bá di ìlọ́po mẹ́rin, ìmọ́lẹ̀ á di ìdá mẹ́rìndínlógún.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wo tábìlì ọmọ yẹn. Iná àjà jìnnà sí ìwé rẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 2. Tí a bá gbé iná kékeré kan sí 50 sẹ̀ǹtímítà sí ìwé náà, a ti sún mọ́ ọn ní ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn ni pé wáàtì kan níbẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ wáàtì 16 lórí àjà. Bí àwọn iná méjèèjì bá ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká bákan náà, iná tábìlì wáàtì 2 yóò mú ìmọ́lẹ̀ tó ju ìlọ́po mẹ́ta ti wáàtì 10 orí àjà wá sórí ìwé yẹn. Agbára tó ń jẹ sì jẹ́ ìdá márùn-ún péré.

Mo yá iná tábìlì kan lọ́wọ́ aládùúgbò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbé e sí apá òsì ọmọ náà, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé. Tí iná bá wà lápá ọ̀tún, òjìji ọwọ́ á bo ohun tó ń kọ. Ọmọ náà wo ìwé rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ mọ́."

Ìmọ́lẹ̀ tó tura: àwọ̀ rẹ̀ àti ibi tó kọjú sí

Iná tó ń gún màmá àgbà lójú ńkọ́? Ohun méjì ló fà á: àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà, àti pé gílóòbù náà wà ní ìhòòhò.

Gílóòbù ayé òde òní, èyí tí wọ́n máa ń kọ LED sára páálí rẹ̀, kì í tan ìmọ́lẹ̀ funfun láti inú wá. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ló ń tàn. Wọ́n wá fi ẹbu aláwọ̀ ìyeyè kan bo ojú rẹ̀, ẹbu yẹn á gba díẹ̀ nínú búlúù náà, á sọ ọ́ di ìyeyè àti pupa, àpapọ̀ wọn ni ojú wa ń rí bíi funfun. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ ìwádìí gílóòbù búlúù yìí, Akasaki, Amano àti Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobẹ́ẹ̀lì lórí rẹ̀ lọ́dún 2014. Tí ẹbu náà bá pọ̀, ìmọ́lẹ̀ náà á dà bíi ti fìtílà. Tó bá kéré, búlúù á pọ̀ níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á sì funfun báláú.

Ibi tí ẹ ti máa mọ̀ ọ́n ni nọ́ńbà tó parí pẹ̀lú K lára páálí. 2700K tàbí 3000K ni ìmọ́lẹ̀ tó dà bíi ti fìtílà, tó móoru lójú. 6500K ni funfun báláú. Nínú ojú wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe láti ríran, láti sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́ ni. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ló sì ń jí wọn jù. Bí ẹ bá jókòó sábẹ́ 6500K títí di aago 10 alẹ́, ẹ ń sọ fún ara yín pé ọ̀sán ṣì ni, oorun á sì pẹ́ kó tó dé. Nítorí náà, ẹ fi 2700K tàbí 3000K sí pálọ̀ àti yàrá. Tábìlì ìwé lè gba 4000K. Tí iná náà kò bá ní nọ́ńbà kankan lára, ẹ tan án nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ wò ó lára àtẹ́lẹwọ́ yín. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá rí bíi ti òkú, ẹ fi í sílẹ̀.

Ti gílóòbù ìhòòhò ńkọ́? Ojú wa máa ń fún ara rẹ̀ pọ̀ nítorí ohun tó mọ́lẹ̀ jù lọ níwájú rẹ̀. Bí ohun yẹn bá jẹ́ gílóòbù fúnra rẹ̀, gbogbo nǹkan tó kù á ṣókùnkùn lójú yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ wà lára wọn. Àtúnṣe rẹ̀ kò ná ni lówó: ẹ dojú iná kọ ògiri. Ògiri tí a kùn ní funfun á dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ náà padà, á sì fọ́n ọn ká jẹ́jẹ́. Ògiri tí a kùn ní àwọ̀ dúdú á gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì. Nílé àǹtí mi, a gbé iná pálọ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, a dojú rẹ̀ kọ igun ògiri. Màmá àgbà sọ ọwọ́ wọn kalẹ̀ kúrò lójú.

Ká wá ṣírò rẹ̀

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Kí a tó ra bátìrì tàbí pánẹ́ẹ̀lì, a gbọ́dọ̀ mọ bí alẹ́ wa ṣe tóbi tó. Ìṣirò náà kò le: wáàtì iná, lọ́nà iye wákàtí tí a fi tàn án. Ohun tí a bá rí là ń pè ní wáàtì-wákàtí, Wh ni wọ́n máa ń kọ fún un.

Bí alẹ́ kan nílé àǹtí mi ṣe rí lẹ́yìn tí a pín iná náà nìyí:

- Kíṣíìnì: wáàtì 3, aago 7 sí 8 ààbọ̀. 3 × 1.5 = 4.5 Wh
- Pálọ̀, iná tó kọjú sí ògiri: wáàtì 2, aago 7 sí 10. 2 × 3 = 6 Wh
- Tábìlì ìwé: wáàtì 2, aago 7 ààbọ̀ sí 10. 2 × 2.5 = 5 Wh
- Ilé ìtura: wáàtì 1, bíi ìdajì wákàtí lápapọ̀. 1 × 0.5 = 0.5 Wh
- Iná òru ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: wáàtì 0.2, aago 10 alẹ́ sí 6 àárọ̀. 0.2 × 8 = 1.6 Wh

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 17.6 Wh. Ẹ wá wo iná ńlá ti tẹ́lẹ̀. Wáàtì 10 láti aago 7 sí 10 ààbọ̀ á gba 35 Wh. Bátìrì òjé kékeré ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ 6 V àti 4.5 Ah sí i lára. 6 × 4.5 jẹ́ 27 Wh nígbà tó bá ṣì tuntun, a ò sì lè fa gbogbo rẹ̀ tán. Kò yani lẹ́nu pé aago 9 ló ń kú. Iná márùn-ún tí a pín yìí ń jẹ ìdajì ohun tí iná kan yẹn fẹ́ jẹ, wọ́n sì ń tàn títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Agbára díẹ̀ máa ń ṣòfò nínú wáyà àti nínú ṣíṣáájì, torí náà a pín 17.6 sí 0.8, ó di 22 Wh. Nọ́ńbà yìí ni ẹ máa mú lọ sọ́jà.

Bátìrì: ẹ má gba ohun tí páálí bá sọ gbọ́

Lára ọ̀pọ̀ iná ṣáájì, nọ́ńbà kan máa ń wà tó parí pẹ̀lú mAh. Láti sọ ọ́ di Wh, ẹ pín in sí 1,000, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po fóòtì bátìrì náà. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó rí róbótó bí ìka ọwọ́, tí wọ́n ń pè ní 18650, jẹ́ fóòtì 3.7. Tó bá jẹ́ 2,000 mAh, 2 × 3.7 jẹ́ 7.4 Wh.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí wọ́n ti gbá mi. Mo ra iná wáàtì 3 kan lọ́wọ́ oníṣọ̀wò kan, wọ́n kọ 9,900 mAh sára bátìrì 18650 tó wà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, ó yẹ kó ní nǹkan bíi 36 Wh, kó sì tàn fún wákàtí 12. Mo ṣáájì rẹ̀ kún, mo tan án, mo sì ń wo aago. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 20 ló lò. Wáàtì 3 lọ́nà wákàtí yẹn jẹ́ 7 Wh, ìyẹn bíi 1,900 mAh. Irọ́ ńlá ni nọ́ńbà ara rẹ̀. Bátìrì 18650 tó dára kì í sábà ju nǹkan bíi 3,500 mAh lọ, nítorí náà èyíkéyìí tí ẹ bá rí tí wọ́n kọ 5,000 tàbí 9,900 sí lára, irọ́ ni.

Ìdánwò náà nìyẹn, aago lásán ló sì gbà. Ẹ ṣe é ní ọ̀sán ọjọ́ tí ẹ bá ra iná, kí ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà tó kọjá. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan pẹ̀lú: iná tí kò ní èlò tó ń ṣọ́ bí agbára ṣe ń jáde máa ń mọ́lẹ̀ gan-an ní wákàtí àkọ́kọ́, á wá máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ẹ ò ti lè kàwé mọ́ ni kí ẹ ti dá aago dúró, ẹ má dúró dìgbà tó bá kú pátápátá.

Fún ilé àǹtí mi, a ra àpótí sólà kékeré kan tí bátìrì lítíọ́ọ̀mù oní-fọ́sífétì wà nínú rẹ̀, 12.8 V àti 6 Ah, ìyẹn bíi 77 Wh. Ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ là ń lò kó lè pẹ́, nǹkan bíi 61 Wh nìyẹn. Alẹ́ wa gba 22. Ìyẹn ni pé bí oòrùn kò bá ràn lánàá, tí kò sì ràn lónìí, iná á ṣì tàn. Wáyà lọ láti inú àpótí náà sí kíṣíìnì, pálọ̀ àti ilé ìtura. Iná tábìlì àti iná òru ní bátìrì tiwọn, ara àpótí náà la ti ń ṣáájì wọn lọ́sàn-án.

Fóònù ni olè

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, àǹtí mi tún pè. "Nǹkan yìí mà ti ń kú láago 8 o!"

Mo lọ wò ó. Iná wà bí a ṣe fi í sílẹ̀, àwọ̀ kò yí padà. Àmọ́ fóònù mẹ́ta ló so mọ́ àpótí náà, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti aládùúgbò.

Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Bátìrì fóònù òde òní sábà máa ń jẹ́ 5,000 mAh, fóòtì rẹ̀ jẹ́ bíi 3.85. 5 × 3.85 jẹ́ nǹkan bíi 19 Wh. Ẹ fi í wé 17.6 tí gbogbo iná ilé ń jẹ láti ìrọ̀lẹ́ dòwúrọ̀. Fóònù kan ṣoṣo ń jẹ ju gbogbo ìmọ́lẹ̀ ilé lọ lálẹ́ kan! Fóònù méjì tí ẹ bá ṣáájì láti òfo dé kíkún lálẹ́ á gba bíi 48 Wh tí a bá ka èyí tó ń ṣòfò mọ́ ọn. Ẹ fi 22 ti iná kún un, ó di 70, àpótí wa kò sì ní ju 61 lọ.

A fi òfin kan lélẹ̀, a kọ ọ́, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àpótí: fóònù kò gbọ́dọ̀ kan àpótí yìí lẹ́yìn aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán tí oòrùn ń ràn, tí bátìrì ti kún, ni tiwọn. Bí iná ọba bá dé, kí wọ́n so fóònù mọ́ ìyẹn.

Oòrùn: kí ni pánẹ́ẹ̀lì lè mú wá lóòótọ́?

Wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, oòrùn ọ̀sán gangan tó mọ́ kedere ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, pánẹ́ẹ̀lì náà kò sì gbóná. Lórí páànù ilé wa, ó máa ń gbóná gan-an, eruku á bò ó, agbára á sì ṣòfò nínú wáyà. Ẹ ka ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún sí ohun tí ẹ máa rí. Oòrùn pẹ̀lú kì í le bákan náà látàárọ̀ dalẹ́. Tí a bá kó gbogbo oòrùn ọjọ́ kan jọ bíi pé ọ̀sán gangan ni gbogbo rẹ̀, ní ìhà tiwa ó máa ń tó wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ lọ́jọ́ tó dára. Lásìkò òjò, wákàtí 3 ni kí ẹ fi ṣírò. Ìgbà tí oòrùn kéré ni kí ẹ máa fi ṣètò, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni òkùnkùn máa ń dunni jù.

Alẹ́ wa gba 22 Wh. 3 × 0.65 jẹ́ 1.95. Tí a bá pín 22 sí 1.95, ó jẹ́ bíi wáàtì 11. A ra wáàtì 20, kí a lè rí díẹ̀ fi dí ihò ọjọ́ tí òjò bá rọ̀. Lásìkò òjò, á máa mú bíi 39 Wh wá lójúmọ́.

Ẹ fi èyí wo iná sólà kékeré tí pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wà lórí iná fúnra rẹ̀, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bó bá jẹ́ wáàtì 1, lọ́jọ́ òjò kò lè kó ju 2 Wh jọ, ìyẹn wákàtí kan fún iná wáàtì 2. Kò burú fún iná òru, ó sì lè ṣe ti ilé ìtura. Àmọ́ ẹ má fi ìwé ẹni tó ń múra ìdánwò lé e lọ́wọ́.

Ibi tí ẹ bá gbé pánẹ́ẹ̀lì sí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ. N'Íbàdàn, orí wa gan-an ni oòrùn máa ń gbà kọjá, torí náà ẹ jẹ́ kó dagun díẹ̀ báyìí, bíi ìwọ̀n 10 sí 15, kó kọjú sí gúúsù, kí òjò lè fọ eruku rẹ̀ dànù. Òjìji ni ọ̀tá. Sẹ́ẹ̀lì inú pánẹ́ẹ̀lì so mọ́ ara wọn bí èèyàn tó tò sórí ìlà, tó ń na garawa omi síra wọn. Bí ẹnì kan bá rọ lọ́wọ́, gbogbo ìlà á dúró. Ẹ̀ka máńgòrò kan tàbí òpó tó fi òjìji bo sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lè dín èyí tó pọ̀ kù nínú ohun tí pánẹ́ẹ̀lì ń mú wá. Ẹ gòkè lọ wò ó láago 9 àárọ̀, 12 ọ̀sán àti 3 ọ̀sán, kí ẹ tó kàn án mọ́lẹ̀. Ẹ má gbé e sẹ́yìn gíláàsì fèrèsé. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní ìdájí kó tó gbóná.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé nǹkan ti ń bàjẹ́

Iná oní-bátìrì òjé kì í fẹ́ kí a fi òun sílẹ̀ lófo. Tí ẹ bá lò ó tán, tí ẹ jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún oṣù kan, nǹkan bí iyọ̀ á dì mọ́ àwọn àwo òjé inú rẹ̀, kò sì ní gba agbára mọ́. Àmì rẹ̀ ni pé ó ń kún láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì ń kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bákan náà. Bí iná ọba bá dé, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ so mọ́ ọn.

Bátìrì lítíọ́ọ̀mù, àyàfi tó bá wú, tàbí tó ń gbóná débi tí ẹ ò lè di ọwọ́ mọ́ ọn, kì í yọni lẹ́nu púpọ̀. Bó bá ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ṣájà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ gbé e síta. Ẹ má ṣáájì iná kankan lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí lórí tìmùtìmù. Ilẹ̀ símẹ́ńtì ni kó wà.

Bí iná bá ń tètè kú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má sáré ra bátìrì. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá nǹkan tuntun so mọ́ ọn, ẹ wo bóyá eruku tàbí òjìji wà lórí pánẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn náà kí ẹ tún ìdánwò aago ṣe. Ẹ̀yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ tó fura sí bátìrì.

Bó ṣe rí báyìí

Ọmọkùnrin náà ka ìwé rẹ̀ títí di aago 10 ní gbogbo alẹ́ oṣù kárùn-ún àti ìkẹfà, títí ó fi kọ ìwé tó kẹ́yìn nínú Wáẹ́ẹ̀kì. Iná òru wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítòsí ilẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ ń gbà. Màmá àgbà ní àwọn kò tiẹ̀ mọ ìgbà tí àwọn ń lọ, tí àwọn ń bọ̀ mọ́.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ pé. Lóṣù keje, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin léraléra, iná ọba kò sì wá. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, wọ́n pa iná pálọ̀, gbogbo wọn sì kó ara wọn jọ sídìí iná tábìlì wáàtì 2, tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ògiri. Wọ́n jẹun níbẹ̀, màmá àgbà sì pàlọ́ ìjàpá kan. Àǹtí mi ní iná kan ṣoṣo ló tàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó ráhùn.

Ẹ mú bírò lálẹ́ òní. Ẹ kọ ibi tí ojú ti ń ṣiṣẹ́ nílé yín, wáàtì mélòó, wákàtí mélòó. Nọ́ńbà tó bá jáde ni kí ẹ gbé lọ sọ́jà. Ó dìgbà o.